Kókó: Ẹ̀bẹ̀ láti yọ STA 202 kúrò lẹ́yìn gbèdéke

Ẹ káàárọ̀ mà,

Èmi ni Títílayọ̀, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ọlọ́dún kejì ní Ẹ̀ka Kẹ́mísìrì. Nọ́ńbà mátíríìkì mi wà lórí fọ́ọ̀mù tí mo fi kún lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ yọ STA 202, oníyúníìtì 3, kúrò nínú kọ́ọ̀sì tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà yìí. Mo mọ̀ pé pọ́tàlì ìforúkọsílẹ̀ ti tì láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, 2025.

Lọ́jọ́ tí pọ́tàlì tì, kọ́ọ̀sì náà kò bá nǹkan kan forí gbárí. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ni wọ́n gbé àtẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde, tí STA 202 bọ́ sí Ọjọ́rú, aago 2 sí aago 4 ọ̀sán. Aago 2 sí aago 5 yẹn gan-an la wà ní láàbù fún CHM 292, kọ́ọ̀sì tó pọn dandan fún wa. Láàbù kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ọjọ́ yẹn náà la máa ń rọ ásíìdì sínú búrẹ́ẹ̀tì, tí a ó ka iye tó jáde nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí a ó sì fi ìwé èsì sílẹ̀ kí a tó jáde. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi sí ìsọ̀rí láàbù Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ààyè ti kún. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Ẹ dákun, ẹ má bínú.

Ọjọ́rú márùn-ún ló ti lọ báyìí, wákàtí 10 nínú 39 tó wà fún STA 202. Bí mo tiẹ̀ lọ gbogbo èyí tó kù, 29 ni màá ní, kò sì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún tí a fi ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí orúkọ mi bá ṣì wà níbẹ̀, odo ni wọn yóò kọ fún mi. Ká ní mo rí póìǹtì 84 nínú yúníìtì 21 yòókù, 4.00 ni GPA mi. Odo yẹn yóò fà á wálẹ̀ sí 3.50, kọ́ọ̀sì náà yóò sì di kárí-óófà.

Yúníìtì 24 ni mo forúkọ sílẹ̀ fún, 21 ni yóò kù, 15 sì ni ó kéré jù. STA 202 kì í ṣe dandan fún wa, kò sì sí kọ́ọ̀sì ọdún kẹta tí mo fẹ́ ṣe tó dúró lé e.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ẹ̀dà mẹ́ta, mo sì fi àtẹ àkọ́kọ́ àti èyí tuntun tì í. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, màá gbé e lọ fún Olórí Ẹ̀ka lọ́jọ́ náà, kí ó lè dé ọ́fíìsì Fákọ́tì kí wọ́n tó tẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò. Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Ajé, láti aago 10 àárọ̀, tàbí ìgbà yòówù tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ ṣeun púpọ̀ mà.

Títílayọ̀
Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, 2025