Lẹ́tà Sí Onímọ̀ Tí Yóò Jẹ́rìí: Ẹjọ́ Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkèsà

Iléṣà,
11 Oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀yin Ẹnjiníà wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwa ni agbẹjọ́rò olùpẹjọ́ nínú ẹjọ́ yìí, tó wà níwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níhìn-ín ní Iléṣà. Abala 68 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba èrò onímọ̀ láàyè. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ̀wé sí yín. Àwa la ó san owó iṣẹ́ yín, iye kan náà sì ni, èsì yín ì báà gbè wá tàbí kó má gbè wá. Ilé-ẹjọ́ lẹ ń bá ṣiṣẹ́.

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí kò pọ̀. Ẹnjiníà tí a pè lẹ́jọ́ ya àwòrán ilé náà ní 2019. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2021. Nígbà òjò 2023, ògiri ẹ̀yìn sán láti ìsàlẹ̀ dé fèrèsé òkè, dẹ́kìn sì tẹ̀.

Oníbàárà wa ní ẹnjiníà náà kò yẹ ilẹ̀ wò kó tó yàwòrán. Òun náà ní oníbàárà wa ni kò fẹ́ sanwó àyẹ̀wò ilẹ̀, pé birikìlà fi irin 12mm rọ́pò 16mm, àti pé wọ́n gbé táǹkì omi lítà 5,000 tí kò sí nínú àwòrán sórí ilé. Ẹ má gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí tiwa. Níbi tí èsì yín bá ti dúró lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ẹ sọ èrò yín bó bá rí báyìí, kí ẹ sì sọ ọ́ bó bá rí bọ́hùn-ún.

Ìbéèrè wa nìyí. Kí ló fa sísán ògiri àti títẹ̀ dẹ́kìn? Bó bá ju ohun kan lọ, èwo ló ṣe é jù, bó bá ṣeé yà sọ́tọ̀? Kí ni ẹnjiníà tó mọṣẹ́ dáadáa, láì jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀gá, ì bá ṣe ní 2019 lórí irú ilẹ̀ yẹn? Bí àwọn onímọ̀ bíi tiyín kò bá fẹnu kò lórí rẹ̀, ẹ sọ èrò kejì náà, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ kò fi tẹ̀ lé e. Bí ẹnjiníà náà bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ilé náà ì bá sán síbẹ̀?

A mọ̀ọ́mọ̀ má béèrè àṣìṣe tí ẹnjiníà náà ṣe ni. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ kí ẹ tó fojú kan ògiri. Bóyá àìbìkítà ni, adájọ́ ló ni ìyẹn. Ẹ má kọ ọ́. Èyí tó bá sì kọjá ìmọ̀ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ wa la fi ránṣẹ́, títí kan àwọn lẹ́tà tí kò dùn mọ́ oníbàárà wa nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ẹjọ́ yìí kàn fúnra yín. Kí ẹ tó gbẹ́ kọnkéré kankan jáde fún àyẹ̀wò, ẹ sọ fún wa, kí a lè fi tó agbẹjọ́rò ẹni tí a pè lẹ́jọ́ létí, kí onímọ̀ tiwọn lè wà níbẹ̀. Ibi tí a ti gbẹ́ ẹ kò ṣeé dá padà.

A ń retí ìròyìn yín ní 30 Oṣù Kẹrin. A ò ní bá yín tún èrò yín kọ.

Tiyín ní tòótọ́,
Agbẹjọ́rò fún olùpẹjọ́.