Ètò iṣẹ́ Ọ̀tóbà 2025: kọsitọ́mà mẹ́fà, ọjọ́ ínfọ́ìsì, àti àwọn tó jẹ wá lówó

Káyọ̀dé, o ṣé tóo gbà láti bá mi di fóònù iṣẹ́ mú lóṣù yìí. Jọ̀ọ́ kà á tán kóo tó pe ẹnikẹ́ni, torí mo mọ̀ ẹ́, o lè ti máa bá ọ̀gá iléèwé Aṣerò jà kóo tó ka ìlà kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà ni pé mo parí iṣẹ́ dísáìnì mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ ló lọ lásìkò, síbẹ̀ ọwọ́ ẹ ni mo ti yá owó dáàtà. Iṣẹ́ ń bẹ o, èmi ni mò ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lónìí tí mo wá ń rántí ínfọ́ìsì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, tójú sì tún ń tì mí láti béèrè. Torí náà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ọjọ́ mẹ́ta báyìí: ọjọ́ témi máa gbé e sílẹ̀, ọjọ́ tíwọ máa fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́, ọjọ́ tówó gbọ́dọ̀ wọlé. Fáìlì tó ṣeé tẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jáde kówó tó pé, àfi ti ilé-iṣẹ́ Èkó nìkan. Àwòrán tí mo kọ orúkọ mi gàdàgbà lé lórí ni kóo fi hàn wọ́n.

Lọ́la, 1 Ọ̀tóbà, ọlidé ni, má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Tọ́sìdè 2: iléèwé Aṣerò lo máa fi bẹ̀rẹ̀. ₦85,000 ìwé ìrántí àwọn ọmọ tó jáde. 18 Júláì la fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́, ọjọ́ 14 la fún wọn, ìyẹn ni pé 1 Ọ́gọ́ọ́sì ló yẹ kó wọlé, ó máa ti pé ọjọ́ 62 lọ́jọ́ tóo bá ń kọ̀wé sí wọn. Kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Káyọ̀dé lórúkọ mi, èmi ni mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe ìwé ìrántí yín bójú tó owó iṣẹ́. ₦85,000 tó yẹ kó wọlé ní 1 Ọ́gọ́ọ́sì ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo ni ká máa retí ẹ̀? Mo tún fi ínfọ́ìsì náà síbí kẹ́ ẹ má baà wá a kiri. Ẹ ṣeun mà.”

Ọjọ́ ni kóo béèrè. Èmi “mo ní kí n kàn rán yín létí ni mà” ni mo máa ń kọ, wọ́n á ní “ó dáa, àwọ́n ti gbọ́”, ó parí nìyẹn. Tí wọn ò bá dáhùn, Tọ́sìdè 9 kóo ní kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì, ₦45,000 ní 15, ₦40,000 ní 31. Tó bá di Fúráídè 17 tí kò sí nǹkan kan, èmi fúnra mi máa gbé ínfọ́ìsì orí pépà lọ bá akáǹtáńtì wọn. Wọ́n ti ń béèrè iye tí wọ́n á san fún ìwé ètò Kérésì, sọ fún wọn pé ti tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn, kóo sì rọra sọ ọ́.

Ilé-iṣẹ́ Èkó: fúláyà 12 lóṣù, mẹ́tamẹ́ta ní gbogbo Mọ́ńdè, 6, 13, 20, 27. ₦150,000. Ọjọ́ 25 ni akáǹtáńtì wọn ń ti ìwé, Sátidé ló sì bọ́ sí, nítorí náà Tọ́sìdè 23 ni ínfọ́ìsì Ọ̀tóbà gbọ́dọ̀ wọlé wọn bí mi ò tiẹ̀ tíì ṣe ti 27, a ti jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá fi lè kọjá ọjọ́ yẹn, oṣù kan gbáko la máa fi dúró sí i. Owó Sẹ̀tẹ́ńbà ní tiẹ̀, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà la fi ínfọ́ìsì ẹ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ 30 ni wọ́n ń gbà, ó yẹ kóo gbọ́ álààtì ní Fúráídè 24. ₦142,500 lo máa rí. Má kọ ìyókù sí gbèsè o! 5% owó orí ni wọ́n yọ, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti san án síjọba lórúkọ mi ni kóo béèrè, torí èmi ni mo máa lò ó nígbà tí mo bá ń san owó orí tèmi.

Alhaja Ìtòkú: àwòrán àdìrẹ 60 pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà wọ́n. ₦45,000, wọ́n ti san ìdajì. Fúráídè 10 ni mo máa parí ẹ̀, àmọ́ Jímọ̀ nìyẹn, Alhaja ò ní ráyè wa, nítorí náà àárọ̀ Sátidé 11 ni kóo lọ. Má fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ sí wọn, wọn ò ní ṣí i láéláé, fóìsì nóòtì ni kóo fi sọ pé ò ń bọ̀. Kí wọn dáadáa, jókòó tí wọ́n bá ní kóo jókòó, fi han wọ́n lórí fóònù, ₦22,500 á jáde látinú páàsì wọn. Kọ risíìtì fún wọn. Tí wọ́n bá fún ẹ ní ègé àdìrẹ, tìẹ ni.

Ìwé Dókítà, ojú-ìwé 212, ló wúwo jù, òun ló sì gba gbogbo alẹ́ mi. ₦180,000, ọ̀nà mẹ́ta: ₦60,000 ti wọlé. Mo fẹ́ fi èyí tí wọ́n máa yẹ̀ wò ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè 13, fúláyà wà níbẹ̀, mo bá sún un sí Túsìdè 14, ọjọ́ yẹn gan-an ni ínfọ́ìsì ₦60,000 kejì máa lọ. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan láti kà á. Kọ ọ́ sí wọn pé tí àtúnṣe bá dé lẹ́yìn 21, ọjọ́ 31 ò dájú mọ́, torí Dókítà a máa ṣàtúnṣe sórí àtúnṣe. ₦60,000 ìkẹyìn kí fáìlì tó jáde.

Káàdì ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ màmá wa: ₦40,000, odindi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé màmá máa ní “ṣé o ò lè ṣe é fún wọn ná?”, sọ fún màmá pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. 15 Nòfẹ́ńbà ni ìgbéyàwó, káàdì 250 gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní 17 Ọ̀tóbà, nítorí náà tówó ò bá wọlé ní Mọ́ńdè 6, a jẹ́ pé mi ò ṣe é nìyẹn.

Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù: lógò àti ìwé oúnjẹ ṣọ́ọ̀bù wọn, £120, ìdajì ti wọlé. Wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráídè 31, àmọ́ ọjọ́ yẹn náà ni ti Dókítà, mo ti fà á wá sí Wẹ́sìdè 29. Aago wa pẹ̀lú tiwọn dọ́gba báyìí, ṣùgbọ́n Sọ́ńdè 26 ni wọ́n máa dá tiwọn padà, tó bá ti di ọjọ́ yẹn aago mẹ́fà tiwa ni márùn-ún tiwọn, má lọ pè wọ́n láago méje àárọ̀. Ínfọ́ìsì £60 tó kù, 29 náà.

Gbogbo ẹ̀ wà nínú ṣíìtì. E ni ọjọ́ tówó yẹ kó wọlé, F ni ọjọ́ tó wọlé gan-an. Fi èyí sí G2 kóo fà á wálẹ̀, á máa sọ iye ọjọ́ tí wọ́n ti pẹ́ fún ẹ:

```
=IF(F2="",MAX(0,TODAY()-E2),"")
```

Tó bá kan 3, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Tó bá kan 10, pè wọ́n. Tó bá kan 21, èmi ni kóo sọ fún.

Nínú gbèsè tó ti pẹ́ tóo bá gbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá tìẹ ni, ti Aṣerò nìyẹn ₦8,500. Fóònù wà lórí fìríìjì, síìmù kejì ni ti iṣẹ́, ṣáàjì ẹ̀ kíná tó lọ.