Ìwé Ìkìlọ̀ Láti Kó Jáde Nílé

Sí: Ọ̀gbẹ́ni Táíwò Ògúngbèmí, ayálégbé, Fúláàtì Kejì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ojúlé 14, Òpópónà Ìfẹ́lódùn.

Láti ọ̀dọ̀: Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Akínrìnádé, onílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúngbèmí,

Èmi tí mo ni ilé tí a dárúkọ lókè yìí ń fi ìwé yìí sọ fún yín pé kí ẹ kó jáde ní fúláàtì oníyàrá mẹ́ta tí ẹ háyà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ààyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà fún mi lófìfo, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Sátidé, 28 Oṣù Kejì, 2026. Ọjọ́ náà ni ọdún ìyálégbé yín tó ń lọ lọ́wọ́ máa pé. Ọlọ́dọọdún ni àdéhùn wa, láti 1 Oṣù Kẹta, 2024. Ìlà kọkànlá nínú rẹ̀ ní kí onílé fún ayálégbé ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà. Ohun tí mo fún yín yìí lé díẹ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ tún ilé mi háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ìlà keje àdéhùn náà kà báyìí: “Ayálégbé kò gbọdọ̀ tún ilé yìí tàbí apá kan rẹ̀ háyà fún ẹnikẹ́ni, àyàfi tí onílé bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé.” Ẹ ti fọwọ́ sí àdéhùn náà níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ kò tọrọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí, n kò sì fún yín, yálà lẹ́nu tàbí nínú ìwé.

Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹjọ, nígbà tí mo wá yẹ ilé wò lẹ́yìn tí mo ti fi tó yín létí ṣáájú, mo bá àgbàlagbà méjì tí n kò mọ̀ rí nínú yàrá méjì. Kálukú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan fi rìsíìtì owó ilé hàn mí, orúkọ yín àti ìfọwọ́sí yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi páálí onígi pín pálọ̀ sí méjì, wọ́n sì fa wáyà iná gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdílé kan ń sùn nísàlẹ̀ fúláàtì yẹn. Bí wáyà yẹn bá gbiná, wọn ò ní í béèrè ẹni tó fà á kí ó tó kàn wọ́n. Ẹ yọ ọ́ lónìí. Èyí kò lè dúró de Oṣù Kejì.

Mo kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹjọ pé kí ẹ wá ṣàlàyé. Èsì tí ẹ kọ ni pé ẹbí yín ni wọ́n. Àlejò àti ẹbí kò ṣòro fún mi, àdéhùn wa kò sì dí yín lọ́wọ́ láti gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹbí kì í gba rìsíìtì owó ilé. Òótọ́ ni pé ẹ kò jẹ mí lówó ilé rí, mo sì mọ rírì rẹ̀, àmọ́ sísan owó lásìkò kò sọ ilé di ohun tí ẹ lè fi ṣòwò.

Kò sí àdéhùn kankan láàárín èmi àti àwọn tí ẹ fi sílé. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì dá owó tó bá yẹ padà fún wọn. Ẹ má ṣe gba ẹlòmíràn wọlé mọ́.

Títí di ọjọ́ tí mo dá yìí, ẹ̀tọ́ yín láti gbé ilé náà ní àlàáfíà kò yẹ̀. N kò ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, n kò ní í gé iná tàbí omi, ẹnikẹ́ni kò sì ní í kó ẹrù yín síta lórúkọ mi. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí ẹ kò kó jáde, màá fún yín ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé mò ń lọ sílé ẹjọ́ láti gba ilé mi padà, màá sì béèrè owó ìlò ilé fún gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi lé e. Owó yòówù tí mo bá gbà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn 28 Oṣù Kejì, owó ìlò ilé ni. Kò sọ àdéhùn wa di ọ̀tun.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, a ó jọ yẹ ilé náà wò. Ẹ kó páálí náà kúrò, ẹ tún ògiri tó bá bàjẹ́ ṣe, ẹ san gbèsè iná àti omi, kí ẹ sì fún mi ní gbogbo kọ́kọ́rọ́, títí kan èyí tí ẹ gbẹ́ fún wọn. Màá dá owó ìdúró yín padà, n ó sì yọ kìkì owó àtúnṣe tí mo bá fi rìsíìtì hàn yín.

Èmi ni,
Fúnmiláyọ̀ Akínrìnádé, onílé.

Ẹ̀dà méjì ni ìwé yìí. A fi ọ̀kan lé ayálégbé lọ́wọ́ nínú fúláàtì náà ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹjọ, 2025, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, níwájú ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì tó wà lọ́wọ́ onílé.