Ìṣẹ́jú Kan Eré, Méjì Ìrìn

Ọdún 11 ni Dàre àti Kúnlé fi jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní ọgbà Pẹ́kámù Ráì, Dàre tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fẹ́ sáré kìlómítà 5. Kò tíì dé etí adágún tí ojúgun fi ń ta á.

"Bọ̀dá mi, ẹ rọra. Èémí yín á tètè padà, ṣùgbọ́n egungun kì í yá bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tún un tò: eré ìṣẹ́jú 1, ìrìn ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdìde-ìjókòó lórí bẹ́ǹṣì, 10-10 lọ́nà mẹ́ta, nítorí iṣan ìdí tó ti sùn sórí àga.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Dàre dìde láìfọwọ́ ti orúnkún. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń mí gúlegúle.

"Kúnlé, ṣé egungun náà ni?"