Ètò Ìtọ́jú Ìwà fún Ọmọkùnrin Tó Ń Lu Ọmọ Kíláàsì Rẹ̀

Ọmọ ọdún 7 ni. Olùkọ́ rẹ̀, igbákejì olùkọ́ àtàwọn òbí rẹ̀ ni ètò yìí wà fún.

Ìwà tí à ń kà. Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀ṣẹ́ lu ọmọ mìíràn, ì báà bà á, ì báà tàsé. A ò ka títi ara ẹni lórí ìlà mọ́ ọn.

Ohun tí mo rí. Láàárín ọjọ́ 10, ó lu èèyàn nígbà 31. Mẹ́rìnlélógún nínú rẹ̀ bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń da iṣẹ́ kọ láti ojú pátákó. Nínú 24 yìí, ìgbà 22 ni wọ́n lé e síta. Ìwé kíkọ bùṣe fún un nìyẹn.

Mo wá dán ìdí rẹ̀ wò nínú yàrá tí kò sí ọmọ mìíràn, torí a ò lè fi ara ọmọ ẹlòmíràn dánra wò. Àmì tó ń ṣíwájú ìlù ni mo kà: á di pẹ́ńsù mú pinpin, á máa kùn, á sì ti ìwé dànù. Ìṣẹ́jú 5-5 ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé ìwé kíkọ fún un, tí mo sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ti ṣe àmì, ó ṣe é nígbà 4, 5 àti 6. Nígbà tó jẹ́ pé mo máa ń dá a lóhùn bó bá ṣe é: 0, 1, 0. Nígbà tí mo gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì ń dá a padà fún un bó bá ṣe é: 1, 0, 0. Nígbà tó ń ṣeré lásán, kò ṣe é rárá.

Kò wá ìjà, ìwé ló ń sá fún. Lílé e síta, tí a pè ní ìyà, èrè ni lójú rẹ̀.

Kó tó ṣẹlẹ̀. Ìlà 3 ni kí ó dà kọ, kì í ṣe 10. Kí ìwé tí yóò wò wà lórí tábìlì rẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ má lè tó ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí àwọn òbí mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú. Kò yẹ kó pẹ́ tó báyìí kí a tó ṣe é.

Ohun tí a ó kọ́ ọ. Káàdì pupa kan yóò wà lórí tábìlì. Bó bá ti nà án sókè, kí olùkọ́ fún un ní ìsinmi ìṣẹ́jú 2 lójú ẹsẹ̀, láìbéèrè ìdí. Bí ẹ bá rí àmì, ẹ tọ́ka sí káàdì kó tó gbọ́wọ́ sókè.

Bó bá lu ọmọ. Ẹ dúró sáàárín wọn, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó lù. Ẹ má wàásù. Ẹ dá a padà sídìí ìwé kan náà, kí ó kọ ìlà 1, kí ẹ tó tọ́ka sí káàdì. Bó bá di dandan kó jáde nítorí ààbò, ìwé náà á bá a jáde.

Ó ṣeé ṣe kí ìlù náà le sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá tún lé e síta lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ti kọ́ ọ pé kó kàn lu ọmọ kó le sí i.

Ìwọ̀n. Igbákejì olùkọ́ yóò máa fa ìlà fún ìlù àti fún káàdì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, kí ìlù má ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀. Bí ọjọ́ 5 bá kọjá láìsí ìlù, kí ó kọ ìlà kan sí i kí káàdì tó ṣiṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ 3 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ẹ pè mí padà. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣi ìdí rẹ̀ mú.