Gángan Mẹ́ta

Ìyá Àgbà tẹ́ ìwé tí wọ́n ya ọ̀nà páìpù omi ìlú sí sórí ẹní, wọ́n gbé ọmọ ọlọ tẹ etí rẹ̀ kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ìkejì. Ikán ti jẹ igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí agbaṣẹ́ṣe kọ ìtumọ̀ àwọn àmì sí. Ikán kì í jẹ ibi tí kò wúlò.

"Àbẹ̀kẹ́, kà á fún mi."

"Màmá, ìlà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò pọ̀."

Láti ìgbà tí katapílà ti wá tún ọ̀nà ọjà ṣe ni ẹ̀rọ omi Òkè Ọjà ti gbẹ táútáú, bẹ́ẹ̀ ti Ìsàlẹ̀ Odò ń da omi wàà. Púlọ́ńbà dé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ò lágbára mọ́, omi ò sì lè gun òkè. Ó ní àfi kí àwọn hú gbogbo páìpù, kí àwọn sì ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà ló dá lé e. Ìyá Àgbà ni akápò ìgbìmọ̀ omi. Owó tó wà nínú àpótí ò tó ìdajì rẹ̀, wọ́n sì ti búra pé kọ́bọ̀ kan ò ní jáde níbẹ̀ àfi bí ojú àwọn bá rí i.

Àbẹ̀kẹ́ ń kọ́ Jọ́gíráfì nílé ìwé. Ó fi ìka tọ àwọn ìlà wíńníwínní tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ kọjá.

"Gíga ilẹ̀ nìyí, Màmá. Ibi táńkì, 412. Ìsàlẹ̀ Odò, 380. Òkè Ọjà…" Ó tẹ̀ mọ́ ìwé náà dáadáa. "398."

"Ìyẹn ni pé?"

"Táńkì fi mítà mẹ́rìnlá ga ju Òkè Ọjà lọ. Ẹ̀rọ kan ń fa omi sínú táńkì ni. Tí omi bá ti dénú táńkì, fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀."

"Òkè wo wá ni púlọ́ńbà ní omi fẹ́ gùn?"

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọmọ ọlọ kúrò, wọ́n yí ìwé náà po.

"Màmá, àríwá ló yẹ kó wà lókè o."

"Èmi kì í gba àríwá wọ ìlú yìí. Ọ̀nà oko ni mò ń gbà wọlé." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka rìn. "Ṣọ́ọ̀ṣì rèé. Ẹ̀yìnkùlé àwọn Bàbá Ìbejì rèé. Kí ló dé tí páìpù yà báyìí? Hẹn-ẹ́n! Gbòǹgbò ìrókò ni wọ́n yà fún. Ìrókò ọ̀hún ti lọ, wọ́n ti gé e. Ṣùgbọ́n ta ló ya gángan síbẹ̀?"

Àbẹ̀kẹ́ wò ó. Onígun mẹ́ta méjì ló forí kanra, ìdí wọn gbòòrò, àárín wọn tín-ín-rín. Gángan ni lóòótọ́. Ọ̀kan tún wà nídìí táńkì, ọ̀kan sì wà lọ́nà Ìsàlẹ̀ Odò.

"Màmá, kí ló wà nídìí táńkì?"

"Irin rìbìtì tí wọ́n máa ń yí láràárọ̀ kí omi tó jáde."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìyá Àgbà ti ń wá ọkọ́.

Òkìtì iyanrìn tí katapílà dà sílẹ̀ ló bo ibi tí ìrókò wà tẹ́lẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wa ilẹ̀ títí ọkọ́ fi ró gbàù lórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ṣí ọmọrí rẹ̀, wọ́n bu ẹrẹ̀ kúrò. Irin rìbìtì náà wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Páìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní oríkèé tuntun kan, ó hàn pé katapílà ló já a. Ẹni tó tún un ṣe ti omi pa kó lè ríbi ṣiṣẹ́, ó wá da iyanrìn bò ó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ta karosíìnì sí i. Àbẹ̀kẹ́ yí i sí òsì, ó kọ̀. Ìyá Àgbà bá a dì í mú, ó dún kíì.

"Rọra, atẹ́gùn wà nínú rẹ̀."

Lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ wúkọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn ṣùù, ó pọ omi pupa. Kí omi tó mọ́, korobá ti tò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìjà ẹni tó kọ́kọ́ dé sì ti bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, púlọ́ńbà pè pé òun ti rí àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀.

"Máa bọ̀, ọkọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Fáàfù ìdí ìrókò ń jò lọ́rùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo ní. Mú rọ́bà rẹ̀ dání bí o bá ń bọ̀."