Àkópọ̀ ìwádìí fún ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́: Kí ló ń dá aláboyún dúró kí ó tó gba káàdì l'Abẹ́òkúta?

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí ẹ kì í ṣe oníṣègùn ni a dìídì kọ ìwé yìí fún. Èyí tí a kọ́kọ́ mú wá, ẹ ní ó le jù, òótọ́ sì ni.

Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí aláboyún rí elétò ìlera ní ìgbà 8, ó kéré tán, kí ti àkọ́kọ́ sì bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́ oyún. Ìgbà 4 ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn ìyá tí àwa nọ́ọ̀sì ń rí ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ ni ọlẹ̀ ti sọ nínú wọn kí wọ́n tó wá gba káàdì.

Pípẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí a bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá nígbà tí oyún ṣì kéré, a ó mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀, bó bá wá ga sókè lẹ́yìn oṣù márùn-ún, a ó tètè fura. Oògùn ibà tí a ń fún aláboyún, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ó ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kan ni a sì ń fi sáàárín ìlò kan àti èkejì. Ó yẹ kí ó lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹni tó dé ní oṣù kẹjọ, ibo ni yóò ti rí àyè ẹ̀ẹ̀mẹ́ta?

A ti gbọ́ oríṣiríṣi: pé a kì í pariwo oyún kékeré kí ayé má baà gbọ́, pé agbo ìyá àbíyè tó, pé ẹni tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú kò lè fi ọjọ́ ọjà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àbá tiwa nìyẹn. Ẹnu àwọn ìyá fúnra wọn ni a fẹ́ ti gbọ́ ọ.

A ó bá aláboyún 120 sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ti pé ọdún 18, ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé mẹ́ta, ní ìhà Lafẹ́nwá, Adátán àti Ìtòkú. Ìbéèrè náà yóò gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìyá bá gbà, a ó tún wo káàdì rẹ̀. A kò ní gba ẹ̀jẹ̀, a kò ní fúnni lóògùn, ìtọ́jú ẹnikẹ́ni kò sì ní yí padà.

Ibi tí ọkàn wa kò ti balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Obìnrin Ẹ̀gbá tí a tọ́ dáadáa kì í kọ̀ fún nọ́ọ̀sì lójú. Yóò ní, "Ẹ ṣeun, mà," yóò sì jókòó, bí kò tilẹ̀ wù ú. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ́ ni yóò pè é. Ẹni tí kò wọ aṣọ funfun ni yóò bá a sọ ọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti rí ìtọ́jú tirẹ̀ gbà tán, yóò ka ìwé ìyọ̀ǹda sí i létí ní Yorùbá, yóò sì ní kí ó sọ ohun tó yé e padà. Ó lè mú ìwé náà lọlé, kí ó bá ọkọ tàbí ìyá rẹ̀ gbèrò, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé, yóò tẹ ìka, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àṣírí lè tú. Ẹlòmíràn kò tíì sọ fún ọkọ, ẹlòmíràn kò ní ọkọ rárá. A kò ní pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, a kò ní kọ orúkọ sórí ìwé ìbéèrè. Nọ́ńbà ni a ó lò. Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ yóò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn tí a tì pa, a ó sì sun ún nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ìbéèrè bá mú ẹnikẹ́ni sunkún, a ó dá a dúró. Bí a bá sì rí ìfúnpá tó ga lórí káàdì tí kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan sí i, a kò ní dákẹ́ nítorí ìwádìí. A ó mú ìyá náà lọ bá nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Ìyá kò ní jèrè kan lọ́jọ́ náà ju ₦2,000 owó ọkọ̀ lọ. Bó bá dìde ní àárín ìbéèrè, a ó ṣì fún un.

Oṣù 9 ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ní kíláàsì aláboyún kan náà ni a ó ti kọ́kọ́ ròyìn ohun tí a rí, kí a tó gbé e fún àwọn aláṣẹ. Nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ yín wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìyọ̀ǹda, fún ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ wa sùn.